Séèfù ìbọn nínú ilé: iná, ọ̀rinrin, àti irú àgádágodo tó yẹ ilé ọlọ́mọ

Bàbá Ìbejì Hiúsítọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra séèfù tí n ó máa kó ìbọn mi sí. Dọ́bù bárẹ̀lì kan, ráífù tí mo fi ń dẹ àgbọ̀nrín, àti ìbọn ìléwọ́ kan. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sí ibi tí ọwọ́ wọn kì í dé mọ́. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò ju 1,500 dọ́là lọ. Èyí tí ojú mi wà lára rẹ̀, ìtẹ̀ka ni wọ́n fi ń ṣí i, wọ́n kọ "iṣẹ́jú 60 nínú iná" sí i lára, gáréèjì ni mo sì fẹ́ gbé e sí. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Kọ́lá Dálásì

Ọ̀gá mi, ẹ rà á. Èyí tó bá wúwo jù nínú èyí tí owó yín ká ni kí ẹ mú, torí irin tó bá nípọn, iná kò lè wọ ibẹ̀, olè náà kò sì lè gbé e. Ti ọ̀rinrin kò le rárá. Ẹ ra ike kékeré tó ní èròjà funfun tó ń fa omi, èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì fún inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ẹ gbé méjì sínú séèfù. Bí èmi ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Iṣẹ́ mi ni láti gbé séèfù wọlé fún àwọn èèyàn ní Àtìláńtà níbí, kí n sì ṣí èyí tó bá há. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún.

Kọ́lá, òótọ́ ni pé irin tó nípọn ń yọ olè lẹ́nu. Ṣùgbọ́n irin kì í dá iná dúró. Gbé ìkòkò irin ka iná, kí o wò ó bóyá ọbẹ̀ inú rẹ̀ kò ní hó. Ohun tó ń gba ìbọn lọ́wọ́ iná ni ohun tí wọ́n tẹ́ sáàárín irin òde àti kápẹ́ẹ̀tì inú. Nínú ọ̀pọ̀ séèfù ìbọn, jípísọ̀mù ni, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣe pí-ò-pí sí òrùlé lọ́dọ̀ wa nílé. Omi wà nínú jípísọ̀mù, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ọn débi pé ojú kò rí i, ọwọ́ kò sì lè fún un jáde. Nígbà tí iná bá mú un, omi náà á máa di èéfín omi, iṣẹ́ yẹn ló sì ń gba ooru lọ́wọ́ iná. Níwọ̀n ìgbà tí omi náà kò bá tíì gbẹ tán, inú séèfù kò ní gbóná kọjá ààlà. Bó bá ti gbẹ tán, ó parí nìyẹn.

Nítorí náà, Bàbá Ìbejì, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè pé: pátákó jípísọ̀mù mélòó ló wà lára ilẹ̀kùn, mélòó ló wà lára ògiri, mélòó ló wà lókè? Mo ti tú séèfù tí wọ́n kọ "iṣẹ́jú 60" sí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, tí òkè rẹ̀ sì ní ẹyọ kan péré. Òkè ni ooru máa ń gùn sí jù.

Ẹ tún béèrè bí iná tí wọ́n fi dán an wò ṣe gbóná tó. UL ni ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń dán ọjà wò fún ààbò. Nínú ìdánwò UL 72 wọn ti wákàtí kan, iná ààrò yẹn á gòkè títí dé nǹkan bíi 1,700 dígírì Fáránháìtì, inú séèfù kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 350. Ọ̀pọ̀ séèfù ìbọn kò gba ibẹ̀ kọjá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló yan ìdánwò tirẹ̀, òmíràn sì dúró sí 1,200. Àwọn méjèèjì á kọ "iṣẹ́jú 60" sára, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wọn rí nínú iná.

Ẹ wo etí ilẹ̀kùn náà. Ó yẹ kí ẹ rí okùn pẹlẹbẹ kan tó yí i ká, èyí tó máa ń wú bí iná bá kàn án, kí ó lè dí àlàfo. Bí kò bá sí níbẹ̀, èéfín àti ooru á gba etí ilẹ̀kùn wọlé kó tó kan ti jípísọ̀mù.

Ìyá Tèmi

Ẹ kú àlàyé sà. Èmi náà ti ń wá irú rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù wa, sátífíkéètì ọkọ mi, ìwé ilé, àti fláàṣì tí fótò ìgbéyàwó wa wà lórí rẹ̀ ni mo fẹ́ kó sí i. Ṣé 350 yẹn kò ní jó wọn?

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́

Ìyá Tèmi, ẹ kú ilé. Ìwé á yè é ní 350, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pọ́n kó sì rin. Fláàṣì kò ní yè é. Ààlà tí ìdánwò UL fi sí àpótí tí wọ́n ṣe fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ 125, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju oòrùn inú mọ́tò ní oṣù kẹjọ lọ. Àpótí kékeré ti fláàṣì wà lọ́tọ̀, ẹ ra ìyẹn, tàbí kí ẹ fi ẹ̀dà fótò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí.

Ẹ má sì kó páásípọ́ọ̀tù ìdílé pọ̀ mọ́ ìbọn. Ẹni tó bá ń wá páásípọ́ọ̀tù lójijì á ní kí wọ́n pe nọ́ńbà séèfù fún òun lórí fóònù. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, gbogbo ilé ti mọ nọ́ńbà náà, títí kan ọmọ tó ń ṣe bí ẹni ń wo kátúùnù.

Tíṣà Ṣadé

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ike súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe, torí kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Kálísíọ́mù kílóráìdì ló wà nínú rẹ̀. Ó ń fa omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó fà á di omi iyọ̀ nísàlẹ̀ ike. Bí ike bá dà nù, tàbí tí ẹ fi ìdí ìbọn gbá a, omi iyọ̀ á ta sára irin, irin á sì máa jẹ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló yẹ ẹ́. Ẹ má gbé e wọ inú séèfù.

Sílíkà dára jù ú lọ, torí gbígbẹ ló máa ń wà. Ẹ ra èyí tó ń pàwọ̀ dà. Bó bá ti yó omi, ẹ tú u sórí páànù, ẹ fi sínú ofíìnì ní nǹkan bíi 250 dígírì Fáránháìtì fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ á padà, ẹ ó sì tún lò ó. Ọ̀kan lára wọn yí láti ọsàn sí ewéko, òmíràn yí láti búlúù sí pínkì. Ohun tó wà lára páálí ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ibi tí mo fẹ́ kí Bàbá Ìbejì fetí sí jù nìyí, torí iná àti ọ̀rinrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Jípísọ̀mù tó ń gba ìbọn lọ́wọ́ iná, òun kan náà ló ń gbé omi sínú séèfù. Séèfù tuntun tó ní ìpele jípísọ̀mù púpọ̀ lè máa mí omi jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹ tó kó ìbọn kankan sí i, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ kọjú fáànù sí i.

Bí ilé bá sì jó, tí Ọlọ́run bá kó ènìyàn yọ, ẹ má ṣe sáré ṣí séèfù. Nígbà tó ṣì gbóná, afẹ́fẹ́ tútù tó bá wọlé lè mú ohun inú rẹ̀ gbiná. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá ti tutù, ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́, torí gbogbo èéfín omi yẹn ti bà lé ìbọn. Mo ṣí ọ̀kan fún oníbàárà mi kan ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí gáréèjì rẹ̀ jó. Iná kò kan ìbọn kankan nínú rẹ̀. Ìpẹtà pupa ti bo gbogbo wọn láti ẹnu dé ìdí, ẹ ó rò pé inú odò ni wọ́n ti kó wọn.

Gáréèjì Hiúsítọ̀n ńkọ́? Mi ò ní gbé e síbẹ̀. Ní òru, irin séèfù á tutù pẹ̀lú kọnkéré. Ní àárọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi láti Òkun Mẹ́síkò á wọlé, á bá irin tútù pàdé, irin á sì làágùn bí ìgò kóòkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì. Lójoojúmọ́ ni. Kọ́láàsẹ́ẹ̀tì inú yàrá ìsàlẹ̀ tí ẹ́síì ń fẹ́ sí ló dáa jù. Olè kì í sì í tètè rí i níbẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ Ìgbóọrà

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa nílé. Bàbá mi ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá lórí ìbọn rẹ̀. Kò ní séèfù. Orí àjà lókè ààrò ló máa ń fi í sí, èéfín á máa rú sí i láràárọ̀, mi ò sì rí ìpẹtà lára rẹ̀ rí títí mo fi dàgbà. Nígbà tí a kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù, a fi fóòmù wé e, a tì í mọ́ inú àpótí pákó. Òjò ọdún kan ṣoṣo ló rọ̀ lé e, ibi tí fóòmù ti kàn án gan-an ló dípẹtà, ẹ lè fi ojú tọ ipa fóòmù náà lára irin.

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́

Bàbá yín mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ooru ààrò yẹn ni ọ̀pá agbóná tí a ń tà níbí ń ṣe nínú séèfù. Ọ̀pá kékeré kan ni, ẹ ó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ooru ń gòkè, ẹ ó sì gba wáyà rẹ̀ jáde láti ihò ẹ̀yìn séèfù. Kì í fa omi rárá. Ó kàn ń jẹ́ kí inú séèfù gbóná ju yàrá lọ díẹ̀, kí omi má baà rí irin tútù bà lé. Ìbọn yín á tún dúró sórí àjà ni.

Ti fóòmù àti awọ, òótọ́ ni. Ẹ má fi ìbọn pa mọ́ nínú àpò awọ tàbí àpò fóòmù nínú séèfù. Wọ́n ń mu omi, wọ́n á sì gbé e sára irin ní ibi kan náà lójoojúmọ́. Ẹ fi òróró ìbọn nù ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi í dúró ní ìhòòhò.

Àjà bàbá yín nìkan ni mi ò lè fọwọ́ sí nínú ilé tí ọmọ wà. Ọmọ ń gun àga.

Kọ́lá Dálásì

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti ike yẹn, n ó yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ti ìtẹ̀ka, ẹ má bá mi jà, ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo fi ń ṣí tèmi. Bí olè bá wọlé lóru, ta ló fẹ́ máa yí nọ́ńbà?

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́

Mi ò ní bá ọ jà, àbúrò. N ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọjà kéde ìdápadà séèfù onítẹ̀ka tó tó 61,000. Ọmọkùnrin ọdún méjìlá kan ti kú. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé bí ìtẹ̀ka olówó rẹ̀ kò bá tíì wọlé dáadáa, ìka ẹnikẹ́ni ló máa ṣí i. Olówó rẹ̀ á gbé ìka tirẹ̀ lé e, yóò ṣí, á sì gbà pé òun ti fi ìtẹ̀ka òun sí i.

Nítorí náà, ní alẹ́ òní, gba ìbọn inú séèfù rẹ jáde, ti séèfù náà, kí o sì ní kí ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ fi gbogbo ìka wọn dán an wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìka rẹ nìkan.

Akin Kẹ́ńtì

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ tiwa ní Kẹ́ńtì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n tó fún mi ní ìwé àṣẹ dọ́bù bárẹ̀lì, ọlọ́pàá wá wo kábínẹ́ẹ̀tì mi nílé, wọ́n fi ọwọ́ mì í bóyá bóòtù rẹ̀ mú ògiri. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí jù ni pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn. Ìyàwó mi kò ní ìwé àṣẹ, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ọdún méjì ni mo fi ń gbé kọ́kọ́rọ́ káàkiri ilé bí ẹni ń sin owó. Inú bàtà, ẹ̀yìn ìwé, inú garawa ìrẹsì. Nígbà tí mo bá ọmọ mi níbi garawa náà, mo yọ àgádágodo yẹn dànù, mo fi oníbọ́tìnnì sí i. Lójú tèmi, oníkọ́kọ́rọ́ kò yẹ ilé ọlọ́mọ rárá, oníbọ́tìnnì ló dáa jù.

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́

Akin, mo gbà pẹ̀lú yín lórí kọ́kọ́rọ́. Ibi tí a ti yapa ni pé èmi fẹ́ èyí tí à ń fi ọwọ́ yí, tó ní nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹ ó yí i sósì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin dé nọ́ńbà kìíní, sọ́tùn-ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta dé èkejì, sósì ní ẹ̀ẹ̀mejì dé ẹ̀kẹta, kí ẹ wá yí i sọ́tùn-ún títí yóò fi dúró. Ó ń lọ́ra, ó sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí èyí tó dàgbà jù mí lọ, tó ṣì ń yí geerege.

Oníbọ́tìnnì yára, ẹ sì lè pa nọ́ńbà rẹ̀ dà fúnra yín. Ohun méjì ló ń gbé mi dé ilé àwọn olóníbọ́tìnnì jù. Èkíní ni bátìrì. Fólítì 9 ni, inú bọ́tìnnì lóde ló wà, nítorí náà bó bá kú, nọ́ńbà yín kò sọnù, ẹ kàn pa bátìrì dà. Ẹ ra gidi. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú á dún pí-pí dáadáa, kò sì ní ní agbára láti fa irin inú rẹ̀. Èkejì ni pé ohun kan nínú séèfù ń ti ilẹ̀kùn síta, irin ìdè wá há. Ẹ má fi agbára yí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi orúnkún ti ilẹ̀kùn sínú, kí ẹ tún tẹ nọ́ńbà. Mo ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí mo kàn fi orúnkún bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ojú sì tì mí láti gbà á.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ pa dà. Ilẹ̀kùn ni kí ẹ ṣí sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí ẹ dán nọ́ńbà tuntun wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì kì í ṣe nọ́ńbà o.

Akin Kẹ́ńtì

Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì gbà. Ẹni tó bá ń lọ́ra láti ṣí i, òun náà ló máa ń fi í sílẹ̀ láìtì torí pé "n ó padà wá". Mo mọ ara mi.

Tíṣà Ṣadé

Kí Bàbá Ìbejì tó gba mítà ọ̀rinrin kankan gbọ́, ẹ dán an wò. Ẹ bu iyọ̀ ọbẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ ta omi díẹ̀ sí i kó rin bí iyanrìn etídò, kó má ṣàn. Ẹ fi ìdérí àti mítà náà sínú ọ̀rá tó ń tì pa, kí ẹ sùn lé e. Ní àárọ̀, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó kà. Bó bá ka 70, ẹ máa fi 5 kún ohun tó bá ń sọ. Mítà olówó kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ pé.

Bàbá Ìbejì Hiúsítọ̀n

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Mo ti rà á. Kì í ṣe èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́. Ìpele jípísọ̀mù méjì ló wà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́ta lára ilẹ̀kùn, okùn tó ń wú wà ní etí rẹ̀, irin ara rẹ̀ jẹ́ géèjì 12, àmì RSC ti UL, èyí tó wà fún ọ̀rọ̀ olè, sì wà lára. Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́, mo mú èyí tí à ń yí. Kọ́láàsẹ́ẹ̀tì yàrá ìsàlẹ̀ ni mo gbé e sí, lórí rọ́bà, kó má fara kan kọnkéré.

Mo ṣe ti iyọ̀, Tíṣà. 71 ni mítà mi kà, nítorí náà 4 ni mo ń fi kún un. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí mo fi fáànù fẹ́ inú rẹ̀, tí mo sì ti ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ kan láì kó nǹkan sí i, ó ka 62 lẹ́yìn àfikún. Ẹ̀rù bà mí. Mo so ọ̀pá agbóná mọ́ ìsàlẹ̀, mo sì fi àpò sílíkà méjì sókè. Láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, kò kọjá 48, kò sì lọ sísàlẹ̀ 45. Ìbọn ti wọlé, láìsí ọta nínú wọn. Ọta wà nínú àpótí irin kékeré nínú yàrá mìíràn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi.

Ohun kan ló kù. Mo fẹ́ fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ àmì kan sínú kọnkéré gáréèjì wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lu ilẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́

Bàbá Ìbejì, 48 yẹn dáa. Ẹ má jẹ́ kó wá sí 30 o, pákó ìdí ìbọn á máa sán.

Ti àmì yẹn, ẹ má lu ohunkóhun. Ó túmọ̀ sí pé okùn irin tí wọ́n fà le gidigidi wà nínú kọnkéré náà, abẹ́ gbogbo ilé sì ni, kì í ṣe gáréèjì nìkan. Bí ẹ̀rọ ìlulẹ̀ bá ge ọ̀kan, ó lè já jáde pẹ̀lú agbára tó ń pa ènìyàn, títún un ṣe sì wọ́n ju séèfù lọ. Àwọn kan wà tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ kọnkéré wò kí wọ́n tó lu ú, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí okùn gbà. Bí wọ́n bá rí àyè, ihò kúkúrú ló tó. Bí kò bá sí àyè, a ó dè é mọ́ òpó pákó inú ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó ti ilẹ̀. Ẹ má kàn fi í sílẹ̀ láìdè. Ènìyàn méjì pẹ̀lú ọ̀pá irin gígùn á dà á dé ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, bó bá sì ti sùn sílẹ̀ tán, ilẹ̀kùn rẹ̀ rọrùn láti fọ́. Àmì RSC yẹn kò ju pé ẹnì kan fi irinṣẹ́ ọwọ́ bá a jà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ṣí.

Kọ́lá Dálásì

Mo ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n ní kí n ṣe. Ìka ọmọ mi obìnrin ṣí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣí i.

Mo ti kó ìbọn náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ní séèfù títí n ó fi ra òmíràn. Mo wo ibi tí ike náà jókòó sí pẹ̀lú, gbogbo ìsàlẹ̀ irin ibẹ̀ ti pọ́n. Ẹ̀gbọ́n, irú èyí tí Bàbá Ìbejì rà yẹn, ṣé ó lè gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá òkè? Yàrá ìsàlẹ̀ kankan kò sí nílé wa.

Ẹ̀gbọ́n Oníkọ́kọ́rọ́

Ó dọ́wọ́ bí ó ti wúwo tó àti bí igi ilẹ̀ òkè yín ṣe rí. Sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi, àti ibi tí ògiri tó ru ilé gbà kọjá nísàlẹ̀. Má san owó fún un kí o tó dá mi lóhùn.